Ta ló sọ pé ẹrù nìkan ni wọ́n rù ní Bọ́mà?

Bí ọ̀rọ̀ ogun Hítílà bá ṣú yọ níbi tí a bá jókòó sí nílùú Òṣogbo, ìbáà jẹ́ Ọjà-Ọba tàbí Òkè-Fìà, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ pé: "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn, àwọn bàbá wa ò jagun kankan. Aláàárù òyìnbó ni wọ́n." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ yunifásítì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì dùn mí pé àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó lọ gan-an ló ń tún un sọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ kò fara sin. Nígbà ogun àkọ́kọ́, láti 1914 sí 1918, ìjọba kó ọ̀pọ̀ èèyàn láti ru ẹrù lọ sí Kamẹrúùnù àti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, wọn ò fún wọn níbọn, àìsàn sì pa púpọ̀ nínú wọn. Ìrántí yẹn ni wọ́n da pọ̀ mọ́ ogun kejì. Síbẹ̀, nígbà yẹn pàápàá, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tó gbé ìbọn wà; wọ́n jà ní Máhíwà, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tànsáníà lónìí, ní oṣù kẹwàá 1917.

Ti Bọ́mà, ilẹ̀ Éṣíà tí à ń pè ní Myanmar lónìí, ló yẹ ká yẹ̀ wò dáadáa. Àwọn ará Japáànù ni wọ́n bá jà níbẹ̀, kì í ṣe àwọn ọmọ ogun Hítílà. Dífíṣọ̀n méjì ló ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ, ti 81 àti ti 82, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ nínú méjèèjì. Dífíṣọ̀n 81 ni wọ́n rán lọ sí àfonífojì odò Kaladan, ibi tó jẹ́ kìkì òkè àti igbó, tí kò sí títì. Wọ́n kọ́kọ́ fi àdá, díígà àti ṣọ́bìrì la ọ̀nà jíìpù tó lé ní 70 máìlì. Níbi tí ọ̀nà yẹn parí sí, táyà ò lè lọ mọ́. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn, orí èèyàn ló sì ń gbé e tẹ̀ lé àwọn tó wà níwájú.

Ẹ wo mọ́tà, ìbọn ńlá tó ń ju bọ́ǹbù sókè. Wọ́n á tú u sí mẹ́ta: ọ̀pá rẹ̀, àwo irin tó ń jókòó lé, àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan á ru ọ̀kan, ẹlòmíràn á ru èkejì, àwọn mìíràn á ru bọ́ǹbù. Bí ẹni tó ru àwo irin bá há sórí òkè, mọ́tà ò lè dún, ẹni tó gbé ìbọn níwájú á sì dá nìkan kojú ọ̀tá. Ẹlẹ́rù ọ̀hún, ṣọ́jà tó forúkọ sílẹ̀ ni, tó wọ yúnífọ́ọ̀mù, tó sì wà lábẹ́ òfin ológun bíi tàwọn yòókù. Òun náà ló ń gbé ẹni tó fara gbọta padà sẹ́yìn.

Ọta ò sì yan ẹni tó máa bà. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, nọ́ọ̀sì ológun ni, iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìbọn yíyìn. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ará Japáànù dojú kọ ikọ̀ ìtọ́jú tó wà létí odò Kaladan. Ọta fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì bà á níkùn. Òun àti David Kargbo ará Sìẹ́rà Líónì fara pamọ́ sínú igbó, ará abúlé kan tó ń jẹ́ Shuyiman sì ń bọ́ wọn ní ìkọ̀kọ̀, títí wọ́n fi rí wọn gbà ní oṣù kejìlá.

Nípa ìjà gan-an, bàtálíọ̀nù Nàìjíríà mẹ́ta ni ọkọ̀ òfuurufú gbé lọ já sẹ́yìn ọ̀tá lọ́dún 1944, pẹ̀lú àwọn Ṣíńdíìtì, ikọ̀ ológun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jà nínú igbó lẹ́yìn ọ̀tá. Nígbà tó di oṣù kìíní 1945, àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gba ìlú Myohaung lọ́wọ́ ọ̀tá. Ẹni tó bá ní wọn ò jà, kó sọ ẹni tó gba ìlú yẹn fún wa.

Àwọn ológun fúnra wọn ò fojú kéré ẹrù. Àmì tí dífíṣọ̀n 82 ń rán mọ́ èjìká, ọ̀kọ̀ méjì ni, tó gba inú òṣùká kọjá: nípasẹ̀ ẹlẹ́rù ni wọ́n fi ń jà.

Bí àpótí bàbá àgbà bá ṣì wà nílé yín, ẹ wá irin tó rí bí ìràwọ̀ onígun mẹ́fà nínú rẹ̀, tí rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, pupa àti ti ọsàn. Ìràwọ̀ Bọ́mà nìyẹn. Ẹni tó bá sìn lójú ogun yẹn ni wọ́n ń fún, yálà ìbọn ló gbé tàbí ẹrù ló rù. Ẹ wo ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Ikọ̀ tó wà máa wà nínú rẹ̀, ìyẹn lẹ ó sì fi mọ ibi tó dúró sí nínú ìjà náà.