“Òkun o, jẹ́n mi ò dáa”: ta ló ní kẹ́ ẹ fi odindi ìwé fèsì?

Iná ti lọ ní Ìsánlú, ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹnì kan wá fi fóònù kékeré kọ̀wé sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹ̀rọ: “Òkun o. Jẹ́n mi ò dáa.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí lẹ fi dá a lóhùn? Ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá, fọ́tò mẹ́ta, àti ohùn tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko! Ẹ ò tíì mọ ohun tó ń ṣe jẹ́n náà, ẹ ti tú gbogbo àpótí irinṣẹ́ dà sí i lórí.

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé òun ló kọ́kọ́ ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Nílẹ̀ wa níbí, láti Kábà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ẹni tí kò bá kí èèyàn kó tó béèrè nǹkan ni aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ìkíni yẹn gan-an ni wọ́n fi ń pè wá ní Òkun. Ẹni tí jẹ́n rẹ̀ kọ̀ kò sì mọ orúkọ ohun tó kọ̀, ìdí tó fi wá bá yín nìyẹn. Ọwọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ni àtúnṣe wà, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ sọ òótọ́ nípa dátà, torí àwọn kan ti fi ń ṣe àwáwí. Ọ̀rọ̀ kíkọ kì í jẹ dátà. Igba lẹ́tà kò tó kílóbáìtì kan. Fọ́tò àti ohùn ló ń jẹ ẹ́. Ká ní lẹ́tà E ló wà lókè fóònù ẹni náà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fa kílóbáìtì mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan: fọ́tò oní kílóbáìtì 200 máa gba ogún ìṣẹ́jú àáyá, mẹ́ta máa gba ìṣẹ́jú kan gbáko, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá já láàárín. Òkè pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó sì ń já. Ohùn ní tiẹ̀, èèyàn ò lè fi ojú wá ibi tó kàn án nínú rẹ̀. Ó di dandan kó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nígbà tí jẹ́n aládùúgbò ń bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Tí ọ̀rọ̀ gígùn kò bá wá jẹ dátà, kí ló ń jẹ? Ojú fóònù. Bí ìfèsì bá dé, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ló ń hàn lókè kéèyàn tó ṣí i. Ẹ̀yin wá fi “Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kàn sí mi, ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ gbòòrò gan-an” kún ìlà yẹn! Bó bá ṣí i, Wásáàpù á gé e, á kọ “Read more” sí ìsàlẹ̀, ìbéèrè tẹ́ ẹ fẹ́ kó dáhùn sì wà lẹ́yìn ibẹ̀.

Ti ẹni tó ń lo fóònù tọ́ọ̀ṣì ló burú jù, torí àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ló ń gbà. Lẹ́tà 160 ni ojú ewé kan nínú àtẹ̀jíṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo sínú rẹ̀, gbogbo ojú ewé náà á já sí 70. Àmì ohùn ń kọ́? Ìyẹn gan-an ló ń rí mi lára: à, è, ì, ò, ù àti é wà nínú lẹ́tà tí wọ́n ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ fún látilẹ̀, ṣùgbọ́n á, í, ó àti ú kò sí níbẹ̀. Lẹ́tà tó bá sì ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, bí ẹ́, méjì ni wọ́n ń kà á sí. Bí ọ̀rọ̀ bá wá ju ojú ewé kan lọ, ààyè tún dín kù sí 67 lójú ewé kọ̀ọ̀kan, torí pé wọ́n ń fi díẹ̀ so wọ́n pọ̀. Lẹ́tà irínwó tẹ́ ẹ fi àmì sí dáadáa ti di ojú ewé mẹ́fà, ó kéré tán. Ẹ ń san mẹ́fà, bí ọ̀kan bá sì pẹ́ lọ́nà, fóònù mìíràn ò ní fi èyí tó kù hàn títí ìyẹn á fi dé.

Mo fẹ́ràn àmì ohùn, mo sì ń bá ẹni tí kì í fi sí i jà. Ṣùgbọ́n nínú àtẹ̀jíṣẹ́ sí fóònù tọ́ọ̀ṣì, ẹ yọ wọ́n, kẹ́ ẹ sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ìtumọ̀ méjì. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni Ìsánlú yẹn nìyí:

```
Okun o. Se 1) ko sitaati rara, abi 2) o sitaati sugbon ko mu ina wa? E fi 1 abi 2 ranse. E pa a, e yo waya ile kuro lara re.
```

Lẹ́tà 124 ni, ojú ewé kan. Ẹ fi àmì sí i, ó di méjì. Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀: ẹ ti dáhùn ìkíni, ẹ ò dúró kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi “Òkun o, báwo ni?” ránṣẹ́ lọ́tọ̀, torí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń fà, lílọ-bíbọ̀ kan lè jẹ́ ìdajì wákàtí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun ló sì pín ọ̀pọ̀ àìsàn jẹ́n sí méjì. Nọ́ńbà kan ló fi máa dáhùn. Èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ ohun tó dáa láti ṣe, ìbáà jẹ́ 1 ìbáà jẹ́ 2, kó lè rí nǹkan ṣe bó ti ń dúró.

Bó bá fi 1 ránṣẹ́, ẹ béèrè bóyá ibi tí wọ́n ń ṣí epo ṣí, bóyá epo sì wà nínú táǹkì. Bí méjèèjì bá dáa, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó dárúkọ plọ́ọ̀gì: ṣé ó tutù fún epo ni àbí ó gbẹ? Bó bá tutù, epo ti pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ. Bó bá gbẹ, epo ò dé ibẹ̀. Bó bá fi 2 ránṣẹ́, ẹ ní kó wo suwíìṣì kékeré tó máa ń já lára jẹ́n, bóyá ó ti já, kó sì ki gílóòbù kan tààrà mọ́ ara jẹ́n náà. Bí gílóòbù bá tàn, wáyà ilé lẹ máa wò, ẹ fi jẹ́n sílẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá yín ń fà. Èyí tó wà lókè lẹni náà máa ṣe, ìbáà kàn án, ìbáà má kàn án. “Ẹ yọ plọ́ọ̀gì” ló wà lókè. Jẹ́n rẹ̀ ń sitáàtì dáadáa, iná ni kò mú wá, ó wá lọ yọ plọ́ọ̀gì nínú òkùnkùn, ó dá a padà ní wíwọ́, ó fi sípánà fún un pinpin, eyín tó ń di plọ́ọ̀gì mú nínú orí ẹ́ńjìnì já. Jẹ́n tí kò ní ju wáyà tó já lọ ti wá di ẹrù mẹkáníìkì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì rò pé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀rọ̀ kúrú, tó jẹ́ “Ṣàlàyé” tàbí “???” lẹ fi ń fèsì, ẹ̀yin náà ò dáa. Ìyá tó tó bí yín ló kọ̀wé, ẹ ò lè fi “ẹ” kan kún un? Bó bá mọ bó ṣe máa ṣàlàyé ni, ì bá ti ṣàlàyé. Bí ìbéèrè bá ti pé mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ ò tíì yanjú, ẹ pè é. Ìṣẹ́jú méjì ti tó.

Ibì kan ṣoṣo ni ẹ ò ti gbọ́dọ̀ fi ìbéèrè ṣíwájú. Bó bá mẹ́nu kan pé inú yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni jẹ́n wà, tàbí pé orí ń fọ́ wọn nínú ilé, èéfín jẹ́n lè ti máa wọ̀ wọ́n lára nìyẹn, ẹ má béèrè 1 àbí 2. “Ẹ jáde síta báyìí, ẹ pa jẹ́n, ẹ ṣí fèrèsé” ni ìlà àkọ́kọ́, kó dá dúró, kí nǹkan kan má sì tẹ̀ lé e títí wọ́n á fi fèsì pé àwọn ti wà níta.