Kì í ṣe gbogbo “pósítífù” inú èsì hẹpatáítísì B ni àrùn

Láti Mọ́kọ́lá dé Àpáta, bí èèyàn bá gba èsì àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú oníhò márùn-ún, ibi tí wọ́n bá kọ “pósítífù” sí lojú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bà lé. Tó bá ti rí ẹyọ kan, ó parí: “Mo ti kó hẹpatáítísì.” Kíá, ó ti dé ọ̀dọ̀ alágbo. Irọ́ ni o. Ọ̀kan wà nínú márààrún tó jẹ́ pé pósítífù gan-an la fẹ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin ọmọ ogún ọdún kan ṣe àpẹẹrẹ, tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n kọ ọ́ báyìí: HBsAg nẹ́gétífù, HBsAb pósítífù, HBcAb nẹ́gétífù. Ìyá rẹ̀ ti bú sẹ́kún. Ẹkún kí ni?

HBsAg ni aṣọ òde tí kòkòrò náà wọ̀. Bí a bá rí i nínú ẹ̀jẹ̀, kòkòrò wà nílé nìyẹn. HBsAb ni ọmọ ogun tí ara kọ́ láti gbá ẹni tó bá wọ aṣọ náà mú. HBcAb náà ọmọ ogun ni, ṣùgbọ́n inú kòkòrò lòun mọ̀, ara kò sì lè mọ inú yẹn àfi tí kòkòrò gidi bá ti wọlé rí. Aṣọ nìkan ló wà nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sí inú níbẹ̀ rárá. Nítorí náà, ọmọ yìí gba abẹ́rẹ́ ni. Kí ìyá má sọ pé òun ò rántí: láti 2004 ni Nàìjíríà ti fi í kún abẹ́rẹ́ ọmọ ọwọ́. Tí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ààbò náà tó, kí ó lọ ka iye HBsAb. 10 mIU/mL sókè la ń wá.

Ẹ yí ẹyọ kan padà: HBcAb di pósítífù. Kòkòrò ti wọlé rí, ara sì ti lé e. Kò ní àrùn, kò sì ń kó o ran ẹlòmíràn. Ohun kan péré ni kó má gbàgbé: kòkòrò lè fi irúgbìn sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀, nítorí náà bí dókítà bá fẹ́ fún un ní oògùn jẹjẹrẹ tàbí oògùn tó ń tẹ agbára ara mọ́lẹ̀, kó sọ fún un ṣáájú.

Ẹ wá tún un yí: HBsAg pósítífù, HBsAb nẹ́gétífù, HBcAb pósítífù. Àrùn wà. Ṣé tuntun ni àbí ti ọjọ́ pípẹ́? Pépà oníhò márùn-ún kò lè sọ ọ́, nítorí àtọmọ ogun tuntun àtèyí tó ti pẹ́ ló kà pọ̀ sí HBcAb. Ẹ ní kí wọ́n ṣe HBcAb IgM, èyí tó ń wá ọmọ ogun tuntun. Bó bá jẹ́ pósítífù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tuntun, àmọ́ àrùn tó ti pẹ́ tó sì ru sókè lè gbé IgM jáde pẹ̀lú. Ohun tó ń parí àríyànjiyàn ni kí a tún HBsAg ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, ó ti di ti ọjọ́ pípẹ́. Nínú 100 àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o, kò tó 5 tó ń rí bẹ́ẹ̀ fún; nínú 100 ìkókó, bí 90 ni. Ìdí nìyí tí àgbo fi ń rí oríyìn gbà: ara àgbàlagbà náà ló lé kòkòrò lọ, alágbo ló gba owó.

Àṣìṣe tó burú jù, nínú láàbù ló ti ń wáyé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 tí a kán omi ẹ̀jẹ̀ sí i, ihò HBsAg, HBsAb àti HBeAg, ìyẹn ohun tí kòkòrò ń tú jáde nígbà tó bá ń pọ̀ sí i, máa ń fa ìlà sí T, ojú ibi tí a ti ń ka èsì, bó bá jẹ́ pósítífù. HBeAb, ọmọ ogun tó ń dojú kọ HBeAg, àti HBcAb kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú pépà yìí, ìlà ní T túmọ̀ sí nẹ́gétífù. Bí T bá ṣófo ni pósítífù. Ẹni tó ń kánjú á kà á ní òdìkejì, ọmọ tí kòkòrò ò fọwọ́ kàn rí á sì di ẹni tó ti kó o.

Báwo lẹ ṣe máa fura? Bí HBeAb àti HBcAb bá jẹ́ pósítífù lọ́wọ́ ẹni tí mẹ́ta yòókù jẹ́ nẹ́gétífù, ẹ ní kí wọ́n tún un kà pẹ̀lú ìwé inú páálí lọ́wọ́. Bákan náà ni HBsAg pósítífù pẹ̀lú HBcAb nẹ́gétífù: inú àrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gan-an la ti ń rí i, tàbí lára ẹni tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára láàárín bí ọjọ́ 18. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún kí ẹ tó sọ ohunkóhun fún un.