Bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́: ẹ yé pa ojú-ewé ọjà yín rẹ́

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan tí a jọ ń tajà lórí ayélujára pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ pa gbogbo ojú-ewé ọjà mi tí kò tà mọ́ rẹ́, kí n tún wọn gbé sókè lọ́tun. Wọ́n ní ohun tuntun ni ẹ̀rọ àwárí fẹ́ràn." Ó ti pa méjì rẹ́ kó tó pè mí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ, àwọn tó ń sọ ọ́ kì í sì í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó di oṣù kejì.

Èmi náà ti ṣe é rí, ìdí nìyí tí mo fi ń bínú. Mo ní àtùpà orí tábìlì kan tó ń tà bí ogún lóṣù, oníbàárà 64 sì ti kọ àbọ̀ sójú-ewé rẹ̀. Nígbà tó di pé mẹ́ta péré ló ń tà lóṣù, mo gba ìmọ̀ràn tí gbogbo èèyàn ń fúnni. Mo pa ojú-ewé náà rẹ́, mo ṣí òmíràn, fọ́tò kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, iye kan náà. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, àwọn tó ń rí i pọ̀ sí i lóòótọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ó já wálẹ̀, kò sì gòkè mọ́. Ní gbogbo oṣù méjì yẹn, méjì ni mo tà. Ojú-ewé tuntun kò ní àbọ̀ kankan, ẹni tó bá sì dé ibẹ̀ kò rí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni ti ra ọjà náà rí.

Ìgbà yẹn ni mo tó ṣí àkọsílẹ̀ ojú-ewé àtijọ́ tí mo ti gbà sílẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ dùn mí wọra. Iye àwọn tó ń rí àtùpà náà nínú àwárí kò dín kù. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ wọlé kò dín kù. Àwọn tó ń rà nìkan ló dín kù, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí mo yí ọ̀nà ìfiránṣẹ́ padà, tí ọjọ́ tí ọjà máa fi dé ọwọ́ oníbàárà kúrò ní 3, tó di 9. Ẹ̀rọ àwárí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo sun ilé nítorí eku, eku ọ̀hún kò sì kú, torí ọjọ́ ìfiránṣẹ́ mẹ́sàn-án yẹn bá mi dé ojú-ewé tuntun.

Iye mẹ́ta yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ọwọ́ yín tó kan ohunkóhun: àwọn tó rí ọjà, àwọn tó tẹ̀ ẹ́, àwọn tó rà á. Bí wọ́n bá ń rí i tí wọn kò tẹ̀ ẹ́, fọ́tò àkọ́kọ́, àkọlé tàbí iye owó ló ń lé wọn. Bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ tí wọn kò rà, wàhálà wà nínú ojú-ewé fúnra rẹ̀: ọjọ́ ìfiránṣẹ́, owó ìfiránṣẹ́, àpèjúwe tí kò dáhùn ìbéèrè wọn, tàbí àbọ̀ burúkú kan tó wà lókè pátápátá. Bí wọn kò bá rí i rárá, ẹ wo ọ̀rọ̀ inú àkọlé àti ẹ̀ka tí ẹ fi ọjà sí. Ó sì lè jẹ́ pé àkókò ọjà náà ló kọjá. Gbogbo èyí ni ẹ lè tún ṣe láì pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ yí ohun kan ṣoṣo, ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó yí èkejì, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ní ti ojúrere tí wọ́n ní ojú-ewé tuntun ń rí, mo gbà pé ó wà, ṣùgbọ́n ó kéré, kì í sì í pẹ́. Etsy, ọjà orí ayélujára kan, fúnra wọn sọ pé fún ìgbà díẹ̀ ni. Níbẹ̀, ojú-ewé máa ń parí lẹ́yìn oṣù 4. Bí ẹ bá tún owó rẹ̀ san, ojú-ewé kan náà ló ń bá a lọ, pẹ̀lú línkì rẹ̀ àti àwọn tó ti fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí òmíràn, òdo lẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àbọ̀ àtijọ́ wà lára ṣọ́ọ̀bù yín, ṣùgbọ́n kò sí lára ọjà tuntun. Lórí eBay, bọ́tìnì méjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì mú. `Sell similar` ń ṣe ojú-ewé tuntun tí kò mọ iye tí ẹ ti tà. `Relist` ló yẹ kí ẹ tẹ̀ bí ọjà náà kò bá yí padà. Bí ọjà bá tán fún ìgbà díẹ̀, ẹ má parí rẹ̀ rárá: ẹ tan ètò ọjà-tán tó wà níbẹ̀, kí ẹ sọ iye rẹ̀ di 0. Yóò fara pamọ́ nínú àwárí, ìtàn títà rẹ̀ yóò sì dúró dè yín.

Sísopọ̀ ojú-ewé méjì di ọ̀kan ni ibi tí mo ti rí àṣìṣe tó burú jù. Bí ẹ bá ní àtùpà dúdú lójú-ewé kan, funfun lójú-ewé kejì, ó yẹ kí wọ́n jọ wà lójú kan, kí oníbàárà yan àwọ̀. Èyí tó ní àbọ̀ àti títà jù ni kó gba èkejì mọ́ra, kì í ṣe èyí tí fọ́tò rẹ̀ wù yín jù. Fọ́tò ṣeé gbé lọ, àbọ̀ kò ṣeé gbé. Lórí Amazon, ASIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n fún ọjà kọ̀ọ̀kan, ni àbọ̀ so mọ́. Bí ASIN méjì bá jẹ́ ọjà kan náà gan-an, ẹ lè ní kí Amazon da wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọjà tuntun wọ ẹ̀wù àbọ̀ ti àtijọ́. Ní 2023, FTC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà nílẹ̀ Amẹ́ríkà, mú ilé-iṣẹ́ The Bountiful Company lórí irú èyí: wọ́n ní ó so ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀ lórí Amazon bí ẹni pé ẹ̀yà ọjà kan ni wọ́n, kí ìràwọ̀ ti àtijọ́ lè gbé tuntun. Ilé-iṣẹ́ náà san 600,000 dọ́là.

Nítorí náà, bí ọjà fúnra rẹ̀ bá ti di nǹkan mìíràn, ojú-ewé tuntun tọ́ sí i, kódà bí àbọ̀ ọgọ́rùn-ún bá wà lára ti àtijọ́. Èyí tí kò tà rí, tí kò ní àbọ̀ kankan, tí ẹ sì ti tún fọ́tò àti àkọlé rẹ̀ ṣe lásán, ẹ pa á rẹ́. Kò ní ohun tí yóò sọnù.

Mo bi àbúrò mi léèrè iye ojú-ewé tó kù tó fẹ́ pa. Ó ní mọ́kànlá. Méje nínú wọn kò tà rí. Mo ní kó pa wọ́n. Mẹ́rin yòókù ní àbọ̀ 112 láàárín ara wọn. A ṣí àkọsílẹ̀ èyí tí àbọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ń rí i dáadáa, wọn kò tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣókùnkùn débi pé èmi gan-an kò mọ ohun tó ń tà. Ó ti ya òmíràn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.