Bí a ṣe lè tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣe láìpa ohùn rẹ̀ dà

Èrò ọkàn mi nìyí lórí títún àkọsílẹ̀ ṣe fún ẹni tí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ti wọ inú ara wọn nínú ohun tí ó kọ, débi pé ẹni tí ó ń kà á ń kọsẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé a ó dọdẹ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan, a ó yọ ọ́, a ó sì ti ọ̀rọ̀ Yorùbá kan bọ àyè rẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà ti ń bàjẹ́. Gbólóhùn lè kún fún ọ̀rọ̀ Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó sì jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi gbé e kalẹ̀. Òmíràn sì lè ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tàbí mẹ́ta kí ó dún bí ẹni tí a jọ jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí ó kọjá lọ́wọ́ mi ṣe àpẹẹrẹ. Àǹtí kan tí ó ń ta àdìrẹ ní Abẹ́òkúta fẹ́ bẹ àwọn oníbàárà rẹ̀ nítorí pé aṣọ wọn pẹ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà, ó fi ránṣẹ́ sí mi kí n bá òun wò ó kí òun tó gbé e jáde. Ó gbà mí láyè láti mẹ́nu bà á níhìn-ín. Mo kọ àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dún lẹ́nu rẹ̀:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin kọ́sítọ́mà mi. Mo fẹ́ apólójáìsì fún díléè tó wà lórí ọ́dà yín. Àkṣúálì, òjò ló disitọ́ọ̀bù wa, bíkọ́ọ̀sì àdìrẹ nílò oòrùn láti gbẹ. Àwọn tí tiwọn ti rẹ́dì, mo ti sẹ́ńdì ẹ̀. Àwọn tó kù, mo ń wókì lórí ẹ̀, gbogbo ọ́dà yóò jẹ́ dídẹlífà ní nẹ́ẹ̀sì wíìkì. Ẹ ṣeun fún níní sùúrù pẹ̀lú mi."

Ẹnìkan ti kọ́kọ́ bá a tún un ṣe kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹni náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó sì fara balẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ ni pé: "Mo fẹ́ tọrọ àforíjì fún ìdádúró tí ó wà lórí ohun tí ẹ bèèrè fún. Ní tòótọ́, òjò ni ó dí wa lọ́wọ́, nítorí pé àdìrẹ nílò oòrùn láti gbẹ." Kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan níbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ Àǹtí kà á, ó ní ó dà bí lẹ́tà tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ, àti pé àwọn oníbàárà òun yóò rò pé ẹlòmíràn ti gba ọjà náà lọ́wọ́ òun. Òótọ́ ló sọ. Ta ni ó máa ń tọrọ àforíjì fún ìdádúró lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀? Ohun tí Yorùbá máa ń sọ ni pé kí ẹ má bínú, lẹ́yìn náà ni a ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn tí ó ní olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀: "Ẹ má bínú pé aṣọ yín pẹ́." Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ́ràn láti sọ ìṣẹ̀lẹ̀ di ọ̀rọ̀-orúkọ kí ó tó fi "fún" so ó mọ́ ohun tí ó ṣáájú. Ibi tí mo bá ti rí "fún" tí ọ̀rọ̀-orúkọ gígùn kan tí a fi ọ̀rọ̀-ìṣe ṣẹ̀dá tẹ̀ lé e, mo máa ń dúró wò ó. "Ẹ ṣeun fún níní sùúrù pẹ̀lú mi" jẹ́ irú rẹ̀ gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo nínú rẹ̀. "Ẹ ṣeun tí ẹ mú sùúrù" ni à ń wí, kò sì gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń ka ọ̀rọ̀ náà sókè, n kò sì tíì ní fọwọ́ kan ohunkóhun. Ibi tí ahọ́n mi bá ti kọsẹ̀ ni mo máa ń fi àmì sí, yálà Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà níbẹ̀ tàbí Yorùbá. Nínú ọ̀rọ̀ Àǹtí, n kò kọsẹ̀ rárá nídìí "kọ́sítọ́mà" àti "ọ́dà". Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti wọlé. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń pe "kọ́sítọ́mà": a ti fi fáwẹ́ẹ̀lì sí àárín àwọn kọ́ńsónáǹtì tí ó fẹ́ forí gbárí, a kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí sí kọ́ńsónáǹtì, a sì ti fún un ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tirẹ̀. Ohun kan náà ni a ṣe fún bùrẹ́dì, sílíkì àti kóòtù. Kí òyìnbó tó dé ni wákàtí, àdúrà àti àlàáfíà ti wá bá wa láti inú èdè Lárúbáwá, kò sì sí ẹni tí ó ń sọ pé kí a lé wọn lọ. Bí mo bá yí "kọ́sítọ́mà" padà sí "oníbàárà" nínú ọ̀rọ̀ Àǹtí, n kò ṣẹ̀ sí èdè, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó fi ń pe àwọn ènìyàn rẹ̀ láràárọ̀ ni mo gbà lẹ́nu rẹ̀ yẹn. Mo fi í sílẹ̀.

"Àkṣúálì" àti "bíkọ́ọ̀sì" kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ní kété tí Àǹtí ti wí pé "òjò ló", "ló" yẹn ti tọ́ka sí òjò pé òun gan-an ni ó fa ọ̀ràn, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìbìkítà. Àkṣúálì kan kò ní ohun tí yóò fi kún un. Bákan náà ni "àdìrẹ nílò oòrùn láti gbẹ": "oòrùn la fi ń sá aṣọ" ni ẹni tí ó ń rẹ aṣọ láró máa ń wí. Nígbà tí mo bi í léèrè, ohun tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ ṣàkíyèsí pé gbólóhùn yìí fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìdí, kò nílò "nítorí pé" tí yóò ṣáájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó le jù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a dúró díẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì rọrùn láti fi sínú Yorùbá nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe kì í yí padà nínú èdè wa. A kàn fi "ti" tàbí "ń" síwájú rẹ̀ ni: mo ti sẹ́ńdì ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í gba àbọ̀ síbi kan náà. Ẹni tí ó bá fi "ránṣẹ́" rọ́pò "sẹ́ńdì" láìronú yóò kọ "mo ti ránṣẹ́ ẹ̀ sí yín", gbólóhùn náà yóò sì wó, nítorí pé iṣẹ́ tí à ń rán ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, kò sí àyè fún àbọ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ó di dandan kí "fi" gbé ohun náà síwájú: "mo ti fi í ránṣẹ́." Bẹ́ẹ̀ náà ni "disitọ́ọ̀bù wa" yóò ya sí méjì bí a bá fẹ́ lo "dá dúró": "òjò ló dá wa dúró", tí "wa" jókòó sí àárín. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé gbogbo gbólóhùn ni kí a tún gbé kalẹ̀, kí a má ṣe pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

"Yóò jẹ́ dídẹlífà" tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà tí ó fi ń sọ pé a ṣe nǹkan láìsọ ẹni tí ó ṣe é, àwọn ènìyàn a sì máa fi "jẹ́" gbé e wọ inú Yorùbá. Èdè wa kò gbà á. "Wọ́n" tàbí "a" la fi ń ṣe é, tàbí kí a jẹ́ kí ohun náà fúnra rẹ̀ rìn: wọ́n á gbé e wá, a ó kó o dé, á dé ọwọ́ yín. Ní ti "mo ń wókì lórí ẹ̀", Yorùbá ní ohun tí ó dára jù ú lọ, tí Àǹtí náà sì ń sọ lójoojúmọ́: "a ti wà lẹ́nu ẹ̀."

Ibi tí ohùn rẹ̀ wà ni n kò fọwọ́ kàn. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o" dúró pẹ̀lú "o" rẹ̀. Ó ń kọ "tó" àti "ẹ̀" níbi tí ìwé yóò ti kọ "tí ó" àti "rẹ̀". N kò fà wọ́n gùn. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni olóòtú tí ó bá ń kánjú máa ń kọ́kọ́ tò bí ìwé, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni ó ń jẹ́ kí a mọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀. Ohun tí mo kọ padà sí i rèé:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin kọ́sítọ́mà mi. Ẹ má bínú pé aṣọ yín pẹ́. Òjò ló dá wa dúró. Oòrùn la fi ń sá aṣọ, oòrùn ò sì yọ. Àwọn tí tiwọn ti ṣetán, mo ti fi í ránṣẹ́. Tàwọn tó kù, a ti wà lẹ́nu ẹ̀, gbogbo ọ́dà á dé ọwọ́ yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ mú sùúrù."

Ọ̀nà yìí ní ibi tí ó mọ. Bí Àǹtí bá ń kọ́ ẹlòmíràn bí a ṣe ń po aró òde òní, tí ó sì dárúkọ kọ́sítíìkì sódà, n kò ní wá orúkọ mìíràn fún un láéláé, nítorí pé ohun tí ó lè jó ènìyàn lọ́wọ́ nìyẹn, orúkọ tí wọ́n fi ń tà á lọ́jà ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí ọ̀dọ́ kan ní Èkó bá sì ń ròyìn ọ̀gá rẹ̀ tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì pariwo mọ́ ọn, Gẹ̀ẹ́sì ọ̀gá náà ni kí ó dúró, torí pé bí a bá sọ ọ́ di Yorùbá, ọ̀gá náà kò sí nínú ìtàn mọ́. Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé: bí mo bá yọ Gẹ̀ẹ́sì yìí, kí ni yóò sọnù? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí, mo yọ ọ́.

Ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ náà kì í ṣe ti olóòtú. Mo dá a padà fún Àǹtí, mo ní kí ó fi ohùn ara rẹ̀ kà á sínú fóònù kí ó sì fi ránṣẹ́ sí mi. Bí ó ti ń kà á, ó fi "mo wà lórí ìkúnlẹ̀" kún un lẹ́yìn "ẹ má bínú pé aṣọ yín pẹ́", láìmọ̀ pé kò sí nínú ìwé. Mo kọ ọ́ sí i. Ó tún ní òun kò fẹ́ "lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀", nítorí pé àwọn ènìyàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pe òun láti Mọ́ńdè. "Kó tó di Sátidé tó ń bọ̀" ni kí n fi síbẹ̀. Báyìí ni ó ṣe gbé e jáde.