Kí a kọ bí ọkàn wa ṣe rí kí a tó wọ òwò

Èrò mi ni pé púpọ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ òwò tí àwa tí a ń ṣòwò owó ilẹ̀ òkèèrè ní Àkúrẹ́ níbí ń fi ránṣẹ́ sí ara wa ló fi àyè tó ṣe kókó jù sí ibi tí kò yẹ. Wọ́n á to ọjọ́, iye tí a fi wọlé, iye tí a fi jáde, èrè tàbí àdánù, kí wọ́n tó wá béèrè ní ìparí bí ọkàn ẹni ṣe rí. Ẹni tó ti rí èrè á kọ pé ọkàn òun balẹ̀, ẹni tó pàdánù á kọ pé òun kánjú. Àbájáde òwò ni àwọn méjèèjì ń kọ sílẹ̀, kì í ṣe bí ọkàn wọn ti rí nígbà tí wọ́n ń wọlé.

Ohun tí ó là mí lójú ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí ìròyìn iṣẹ́ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó sábà máa ń jáde ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ oṣù, dé ní agogo kan ààbọ̀ ọ̀sán tiwa. Láàrin ìṣẹ́jú méjì ni mo ti pàdánù òwò kan. Mo jókòó sínú yàrá mi ní ọ̀nà Ọ̀dà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí fóònù, mo sì tún ra póun pẹ̀lú dọ́là ní 1.2700 kí aago méjì tó lù. Mo fi sítọ́ọ̀pù, iye tí òwò á ti ti ara rẹ̀ pa bí ọjà bá já dé ibẹ̀, sí 1.2670, èyí tí í ṣe píìpù 30, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.0001. Ìwọ̀n òwò tí mo lò jẹ́ 0.10, nítorí náà dọ́là kan ni píìpù kọ̀ọ̀kan, ọgbọ̀n dọ́là sì ni mo gbà láti pàdánù. Nígbà tí iye náà ń sún mọ́ 1.2670, mo fa sítọ́ọ̀pù sísàlẹ̀ sí 1.2640. Ibẹ̀ náà ló bá mi, ọgọ́ta dọ́là sì lọ.

Ní alẹ́, mo kọ 1.2640 sí àyè sítọ́ọ̀pù, nítorí pé ibẹ̀ ni mo jáde lóòótọ́. Ẹ wo ohun tí èyí ṣe. Ṣíìtì mi ń fi iye tí mo gbà láti pàdánù ṣe òṣùwọ̀n, tí a ń pè ní R. Bí iye ìwọlé bá wà ní E, sítọ́ọ̀pù ní F, ìjáde ní G, báyìí ni a ṣe ń ṣírò rẹ̀, yálà rírà ni tàbí títà:

```
=(G2-E2)/(E2-F2)
```

Pẹ̀lú 1.2640 ní F, ó fún mi ní -1, bí ẹni pé mo pàdánù bí mo ṣe pinnu gan-an. Nígbà tí mo dá 1.2670 padà síbẹ̀, ó di -2. Ìwé mi ti ń bá mi bo àṣìṣe mi mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Nítorí náà, sítọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ nìkan ni mo ń kọ sí F nísinsìnyí, n kì í sì í fọwọ́ kàn án mọ́ lẹ́yìn tí òwò bá ti ṣí.

Àyè ọkàn ni mo wá gbé síwájú iye ìwọlé. Mo fi ọ̀rọ̀ márùn-ún péré sí i, tí mo ń yàn láti inú àtòkọ dípò kí n máa tẹ̀ ẹ́: ìfọ̀kànbalẹ̀, ìbẹ̀rù, ojúkòkòrò, ìbínú, àárẹ̀. Bí a bá jẹ́ kí ènìyàn máa kọ ọ́ bó ṣe wù ú, òní á kọ "ìbínú", ọ̀la á kọ "inú ń bí mi", ṣíìtì kò sì ní lè kà wọ́n pọ̀. Àbúrò kan tí mo ń kọ́ ní Oǹdó bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé èyí kò ní jẹ́ kí òwò bọ́ mọ́ni lọ́wọ́ báyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nígbà mìíràn yóò bọ́, mo sì fara mọ́ ọn, nítorí pé òwò tí kò lè dúró de yíyan ọ̀rọ̀ kan, ìbínú tàbí ojúkòkòrò ló sábà máa ń gbé e wá.

Lẹ́yìn òwò 40, mo ṣírò ti ìbínú nìkan, níbi tí ọ̀rọ̀ náà wà ní D tí R sì wà ní I:

```
=SUMIF(D2:D41,"ìbínú",I2:I41)
```

Òwò méje ló wà níbẹ̀, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ -6.5. Méje kò pọ̀ tó láti fi dájọ́ ọ̀nà òwò ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó tó fún mi láti máa ti fóònù pa bí mo bá ti yan ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀kan nínú méjèèje jèrè, 1.5 ni, ní ìlà 23. Òun gan-an ni mo fi pupa kùn, nítorí pé ìgboyà rẹ̀ ni mo fi wọ ìlà 24 àti 25 pẹ̀lú ìbínú kan náà, àwọn méjèèjì sì gba 3 lọ.