Oṣù kan péré ni wọ́n máa san

"Ilé iṣẹ́ aládàáni kan gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi lójijì, wọn ò sọ ìdí. Ṣé kóòtù lè dá mi padà síbẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n, ó ṣòro o. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín wò. Bí ó bá ní kí wọ́n fi oṣù kan sọ fún yín ṣáájú, tí wọn ò sọ, wọ́n ti rú àdéhùn. Àmọ́ owó oṣù kan yẹn, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ yín tó wà nílẹ̀, ni kóòtù sábà máa ń ní kí wọ́n san. Ẹni tó ń gba 150,000 náírà, kódà bó ṣiṣẹ́ ọdún 9, 150,000 náà ni. Ó dunni, àbí? Iṣẹ́ tí òfin fúnra rẹ̀ dáàbò bò ni wọ́n ti ń dá èèyàn padà, bíi ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Èkó tí kóòtù tó ga jù lọ dá padà lọ́dún 1985.

Ìyọniníṣẹ́ lọ́nà àìtọ́ tún yàtọ̀ sí rírú àdéhùn: ìdí gidi ò sí, tàbí wọn ò gbọ́ tẹnu ẹni. Látìgbà tí àtúnṣe òfin ọdún 2010 ti jẹ́ kí Kóòtù Ilé Iṣẹ́ lè wo ìlànà àgbáyé, àwọn adájọ́ kan níbẹ̀ ti ń béèrè ìdí, wọ́n sì ń fi owó kún owó oṣù kan yẹn. Kì í ṣe gbogbo wọn. Bí wọ́n bá sì kọ "olè" sínú ìwé tí wọ́n fún yín, ẹ má ya á o. Àwọn ló máa mú ẹ̀rí rẹ̀ wá.