Máàkì méjì kò ní kó jẹ́ pé ó ti kà á

“Tí máàkì méjì bá ti yọ lórí Wásáàpù, ẹni náà ti rí iṣẹ́ yín. Tí ‘last seen’ rẹ̀ bá tún jẹ́ lẹ́yìn ìgbà tí ẹ fi ránṣẹ́, ó mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni.”

Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀, irú ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń dá ìjà sílẹ̀. Máàkì méjì aláwọ̀ eérú kàn ń sọ pé iṣẹ́ náà ti wọ fóònù, tàbí kọ̀ǹpútà tí wọ́n so mọ́ Wásáàpù ẹni náà.

Ẹ wo ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Tàkíé, l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Wásáàpù rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Iná kò sí nílé, fóònù rẹ̀ ti kú. Ẹ kọ̀wé sí i ní aago méjì, ó wọ kọ̀ǹpútà, máàkì di méjì. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń fi kọ̀ǹpútà náà dá oníbàárà mìíràn lóhùn, “last seen” ń yí. Ìyá fúnra rẹ̀ kò tíì rí nǹkan kan.

Ti àwọ̀ búlúù tó ń fi hàn pé wọ́n ti kà á náà ní àléébù tirẹ̀. Ẹni tó bá ti pa “Read receipts” lè ka ọ̀rọ̀ yín tán kí máàkì má di búlúù. Ẹlòmíràn a kà á látorí ìkéde tó yọ sókè fóònù, láì ṣí i rárá. Àmọ́ ẹni tó pa á kò lè fi ti ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ pamọ́: tó bá ti gbọ́ ọ, àmì gbohùngbohùn á di búlúù.

Tọ́rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, ẹ pè é.